Òpó Mápó Kò Gbọdọ̀ Sọnù: Bí Ọnà Aṣọ Gidi Ṣe Ń Dé Ara Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Yà

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í pẹ́ kó tó dá Ìbàdàndùn mọ̀. Aṣọ náà pín sí ilé onígun mẹ́rin, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ọnà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í fò: ibi tí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ti dúró lẹ́sẹẹsẹ, tí ṣíbí wà láàárín òpó sí òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà lórí òkè Mápó n'Íbàdàn, àwọn obìnrin aládìrẹ sì fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún gbé e wọ inú aṣọ. Bí òpó bá kúrò níbẹ̀, tí ṣíbí di ewé, aṣọ náà ṣì lè dùn ún wò, àmọ́ kì í ṣe Ìbàdàndùn mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tí àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń ta aṣọ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lóde òní. Ọlọ́jà á ya fọ́tò aṣọ tó wà nílẹ̀. Á ní kí ẹ̀rọ ayàwòrán ya obìnrin kan tí kò sí láyé, kí obìnrin náà wọ bùbá àti ìró, kí ọnà tó wà lára bùbá àti ìró náà sì jẹ́ ti aṣọ inú fọ́tò. Kò sanwó fún ẹni tí yóò wọ aṣọ, kò gé aṣọ tí kò tíì tà, kò wá ayàwòrán onífọ́tò kiri. Àwòrán á jáde kíákíá, á sì wu ojú. Àwọ̀ aró á wà níbẹ̀, ilé onígun mẹ́rin á wà níbẹ̀, àmì funfun wẹ́wẹ́ á kún inú wọn.

Ìyá kan tó ti pẹ́ nídìí àdìrẹ ní Ìtokú, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn níṣojú mi. Wọ́n gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ìró fi gba gbogbo ojú fóònù. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, òpó dà?"

Ọmọkùnrin aránṣọ tó gbé e wá dáhùn pé, "Màmá, aṣọ yín náà ni. Fọ́tò tí mo yà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́sí ni mo fi ṣe é."

"Rárá o. Ó jọ ọ́ ni, òun kọ́."

Mo gbà pé ìyá yìí ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ náà kò da aṣọ kọ. Ó ya aṣọ mìíràn tó jọ ọ́. Láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé fọ́tò aṣọ náà bó ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ, ká lè rí ibi tí òpó ti ń já bọ́.

Láàárín àwọn tó ń lo Stable Diffusion, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti fi fọ́tò han ẹ̀rọ ni IP-Adapter, tí àwọn oníwádìí ilé iṣẹ́ Tencent gbé jáde lọ́dún 2023. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé á sún fọ́tò náà kì. Fọ́tò fóònù lè ní 3000 písẹ́lì níbùú, ìyẹn àwọn àmì aláwọ̀ tín-tìn-tín tí àkójọ wọn ń di àwòrán. IP-Adapter á sọ ọ́ di 224 níbùú àti 224 lóròó. Lẹ́yìn náà, á ka èyí tó ti sún kì yìí, á sì sọ ohun tó rí di ìdìpọ̀ nọ́ńbà mẹ́rin péré. Oríṣi rẹ̀ tó lójú jù, tí wọ́n ń pè ní Plus, a máa lo ìdìpọ̀ mẹ́rìndínlógún. Àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí ló ń wọlé lọ bá apá tó ń yàwòrán, fọ́tò fúnra rẹ̀ kì í wọlé. Ó dà bí ẹni tó rí aṣọ lọ́jà, tó wá délé tó ń ròyìn rẹ̀ fún ayàwòrán tí kò débẹ̀: aṣọ aró ni, ó ní ilé onígun mẹ́rin, ọnà funfun kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Gbogbo ìròyìn náà jóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ pé òpó márùn-ún ló wà níbẹ̀ àti ṣíbí mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí fífi agbára kún un kì í fi í ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé agbára IP-Adapter kúrò ní 0.6 dé 1.0, aró náà á túbọ̀ jọ aró, ọnà á túbọ̀ ṣù, ṣùgbọ́n òpó kò ní padà, nítorí ohun tí kò sí nínú ìròyìn kò lè ti inú ìròyìn jáde. Ohun tí ẹ óò rí ni pé àwọn nǹkan mìíràn inú fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí ibi tí kò yẹ kí wọ́n dé. Àmì ilé onígun mẹ́rin á hàn lára ògiri ẹ̀yìn, awọ ara obìnrin náà pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí aró.

Ibi híhá kejì wà níwájú, òun ló sì le jù, nítorí ó wà níbẹ̀ bí ìròyìn tilẹ̀ pé. Stable Diffusion kì í ya àwòrán ní písẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Inú àwòrán kékeré kan tó fara sin ló ti ń ṣiṣẹ́, tí ojú kan nínú rẹ̀ dúró fún písẹ́lì mẹ́jọ níbùú àti mẹ́jọ lóròó. Ìgbà tó bá yà á tán ni apá mìíràn, tí wọ́n ń pè ní VAE, á tú u sílẹ̀ di àwòrán ńlá tí a ń rí. Ojú ènìyàn, ewé, ògiri, ojú ọ̀run, gbogbo wọn ló ń kọjá níbẹ̀ láìfarapa púpọ̀. Ìlà tín-ínrín tó ní iye ni kì í fẹ́ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí Ìbàdàndùn wa. Ká ní ilé ọnà òpó nínú aṣọ tó wà nílẹ̀ fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, òpó márùn-ún àti ṣíbí mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Ká ní obìnrin inú àwòrán ga tó 165 sẹ̀ǹtímítà, ó sì gba písẹ́lì 990 láti orí dé ẹsẹ̀ nínú àwòrán tó ga tó 1216, èyí tó wọ́pọ̀ fún ẹni tó dúró gbọnrangandan. 990 pín sí 165 jẹ́ 6, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kan lára rẹ̀ gba písẹ́lì mẹ́fà. Ilé ọnà òpó á gba písẹ́lì 120. Bí a bá wá pín in sí ojú mẹ́jọ-mẹ́jọ, ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni àwòrán tó fara sin ní láti fi ya nǹkan mẹ́sàn-án. Òpó kan kò tilẹ̀ ní ojú méjì. Ìlà tí ìyẹ́ adìẹ fà, tó nípọn tó mìlímítà méjì lórí aṣọ, kò ju písẹ́lì kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó bá wà nírú ìfúnpá bẹ́ẹ̀ á fi ohun tó rọrùn fún un dí àyè: ewé, igi, tàbí àmì kan tó dà bí lẹ́tà tí kò sí nínú ábídí kankan.

Nítorí náà, bí ọnà aṣọ bá ní iye àti orúkọ, ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé ká pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ya ohun tó mọ̀ ọ́n yà: obìnrin náà, ìdúró rẹ̀, ìmọ́lẹ̀, àti aṣọ tí kò ní ọnà kankan. Ẹ wá gbé ọnà fúnra rẹ̀ láti inú fọ́tò, kí ẹ tẹ́ ẹ lé aṣọ náà ní písẹ́lì sí písẹ́lì, láìjẹ́ kí ó gba inú ẹ̀rọ kọjá rárá. Ó gba àkókò ju kíkọ gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n òpó tó wọlé ni òpó tó máa jáde.

Fọ́tò aṣọ ni ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ fi irin lọ aṣọ náà kó tẹ́. Ẹ fi ìgbámú so ó mọ́ okùn tàbí ògiri níbi tí òòrùn kò ti kàn án tààrà, kí ẹ má sì tan iná fóònù. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì sún un mọ́ra pẹ̀lú ojú awò, nítorí bí fóònù bá sún mọ́ aṣọ jù, àárín á wú, etí á tẹ̀. Ẹ fi bébà funfun kan àti rúlà sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Bébà náà wúlò nítorí pé fóònù máa ń ṣi aró gbé, ó lè sọ ọ́ di elésè àlùkò. Bí ẹ bá ti tún àwọ̀ fọ́tò ṣe títí bébà fi funfun bó ṣe yẹ, aró á padà sí ipò rẹ̀. Rúlà ni yóò sọ iye písẹ́lì tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Bí apá tí ẹ yà bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, tí fọ́tò sì ní 3000 písẹ́lì níbùú, 50 ni sẹ̀ǹtímítà kan.

Kò sí bí ẹ ṣe lè dúró tó tí ilé onígun mẹ́rin kò ní ṣẹ́ díẹ̀ nínú fọ́tò. Ohun èlò tí wọ́n kọ Perspective sí nínú GIMP ló ń tún èyí ṣe: ẹ mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé kan, kí ẹ fà wọ́n títí tí wọ́n fi dọ́gba. Bí ilé kan bá ti tọ́, gbogbo aṣọ á tẹ̀ lé e, bí aṣọ náà bá tẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ yà á. Mo gba yín níyànjú pé kí ẹ má ṣe gé ilé kan ṣoṣo kí ẹ wá máa tò ó léra kárí aṣọ. Àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ yà kì í ní ilé méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀, ojú aládìrẹ á sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ilé kan náà ló ń padà wá. Ẹ ya aṣọ tó pọ̀ tó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ya obìnrin náà. Ohun tí ẹ máa kọ fún ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àdìrẹ rárá:

```
full body, woman standing, plain light grey cotton buba
and wrapper, no pattern, soft light from the left
```

Eérú ni mo fẹ́, kì í ṣe funfun. Ara aṣọ funfun, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án gidi á fún un pátápátá, ìṣẹ́po aṣọ tó wà níbẹ̀ á sì parẹ́. Eérú a máa pa ìṣẹ́po mọ́ níbi ìmọ́lẹ̀ àti níbi òjìji. Ìṣòro mìíràn ni pé ẹ̀rọ kò mọ bùbá àti ìró bó ṣe mọ kóòtù. Ó lè fi aṣọ àwọn ará Japan tàbí ti àwọn ará India dípò. ControlNet, tí Lvmin Zhang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé jáde lọ́dún 2023, ló ń yanjú èyí. Ẹ ya fọ́tò ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀bù yín tó wọ bùbá àti ìró, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì fi fún ControlNet gẹ́gẹ́ bí àwòrán jíjìn àti sísúnmọ́. Ẹ̀rọ á tẹ̀ lé bí aṣọ náà ṣe wé mọ́ra, á sì ya ojú mìíràn, ara mìíràn.

Ẹ wá sọ àwòrán tó jáde di ìlọ́po méjì. Písẹ́lì mẹ́fà fún sẹ̀ǹtímítà kan á di méjìlá, ilé ọnà òpó á di 240, ìlà ìyẹ́ adìẹ á sì lé ní méjì, èyí tí ojú ènìyàn lè rí. Fọ́tò aṣọ tó jẹ́ 50 gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ dé 12, ìyẹn ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n èyí. Ìwọ̀n ni àṣìṣe tí mò ń rí jù lórí irú àwòrán yìí, òun sì ni kì í tètè hàn sí ẹni tó ṣe é. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n: ìbàdí obìnrin tó kọjú sí wa fẹ̀ tó nǹkan bí 38 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ilé méjì tó fẹ̀ tó 20 ló yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀. Bí ẹ bá ka ilé mẹ́fà ní ìbàdí, ẹ ti sọ aṣọ náà di ti ọmọláńgidi. Ẹni tó bá tipasẹ̀ àwòrán yẹn rà á máa retí ọnà wẹ́wẹ́, ohun tí yóò sì gbà lọ́wọ́ yín ni ọnà gbàgẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí, nítorí pé ibi ni ìmọ̀ aránṣọ ti ń ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè dá ṣe. Ẹni tí kò mọ ìránṣọ á gbé fọ́tò aṣọ lé gbogbo ara obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọnà á kúrò lára bùbá, á gba apá kọjá, á sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ìró láìjá níbì kankan. Kò sí aṣọ rírán tó rí bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ ya apá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: ara bùbá, apá ọ̀tún, apá òsì, ìró òkè, etí ìró tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti gèlè bó bá wà. Ohun èlò bíi Segment Anything, tí ilé iṣẹ́ Meta gbé jáde lọ́dún 2023, lè fi ìtẹ̀ díẹ̀ gé wọn sọ́tọ̀. Ohun tó ń fún wa ni ìbòjú, ìyẹn àwòrán dúdú àti funfun tó ń sọ ibi tí ọnà lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé ibo lára aṣọ ni aránṣọ ti gé e. Ara bùbá ìbílẹ̀ kì í sábà ní ojú ìrán ní èjìká, aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣẹ́ po sí méjì níbẹ̀. Bí òpó Mápó bá dúró ní iwájú, orí ni yóò fi dúró ní ẹ̀yìn. Obìnrin tó bá kẹ́yìn sí wa nínú àwòrán, tí òpó ẹ̀yìn bùbá rẹ̀ sì nà gan-an sókè, ó ní láti jẹ́ pé aránṣọ rẹ̀ gé èjìká. Apá bùbá, aṣọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara, nítorí náà ọnà gbọ́dọ̀ já ní ojú ìrán. Ilé kan lè pín sí méjì níbẹ̀ láìpé, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìró ní tirẹ̀, etí tó wà lókè ń gba iwájú kọjá, ọnà orí rẹ̀ kì í sì í bá ti èyí tó wà nísàlẹ̀ mu.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan ibi tí apá kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹ ó tẹ ọnà náà láti bá ara mu. Krita ní ohun èlò tó ń fi àwọ̀n lé àwòrán, tí ẹ lè máa fa ojú àwọ̀n náà kọ̀ọ̀kan. Ìró ń yí ìbàdí ká, nítorí náà ilé tó kọjú sí wa á fẹ̀ tó písẹ́lì 240, ṣùgbọ́n níbi tí aṣọ ti yí dé 60 dígírì sí ẹ̀gbẹ́, ìdajì rẹ̀ péré ló máa hàn, 120. Gíga rẹ̀ kò yí padà. Bí ilé ẹ̀gbẹ́ bá fẹ̀ tó ti àárín, obìnrin náà á dà bí pákó tí wọ́n lẹ bébà mọ́. Ìṣẹ́po tó jìn náà ń jẹ aṣọ. Bí ìṣẹ́po kan bá gbé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin mì, ọnà gbọ́dọ̀ fo písẹ́lì 48 kó tó bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì, kí òpó kan lè wọ inú ìṣẹ́po lọ kí ìdajì rẹ̀ má sì hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Wọ́n á fi òjìji sí orí ìṣẹ́po, ọnà á sì gba orí rẹ̀ kọjá tààrà bí ẹni pé wọ́n fi irin lọ̀ ọ́.

Òjìji ló kù. Aṣọ eérú tí ẹ̀rọ yà ló ní in, a sì lè yọ ọ́ láti ibẹ̀. Ká ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn lára aṣọ eérú jẹ́ 180 lórí òṣùwọ̀n tó lọ láti 0 dé 255, ibi ìṣẹ́po sì jẹ́ 90. 90 pín sí 180 jẹ́ 0.5, ìyẹn ni pé nọ́ńbà ibi ìṣẹ́po jẹ́ ìdajì ti ibi ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà yìí la máa fi sọ ọnà di púpọ̀ níbẹ̀:

```python
ojiji = ewu_eeru / 180.0
aso = ona * ojiji
aworan = aso * iboju + abele * (1 - iboju)
```

Ìlà tó kẹ́yìn ló ń rí i pé ìbòjú dá ọnà dúró, kí ohun tó wà lábẹ́lẹ̀, ìyẹn ọwọ́, ọrùn àti ògiri, lè wà bó ṣe wà. Ọnà funfun tó jẹ́ 230 á di 115 nínú ìṣẹ́po, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìṣòro wà níbi aró. Aró tó ti dúdú tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ 40, á di 20, èyí tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú, gbogbo ìṣẹ́po á sì di ihò. Aṣọ aró gidi kì í rí bẹ́ẹ̀ lójú òòrùn. Mo máa ń dín òjìji kù níbi tí aró pọ̀ sí, kí 0.5 di nǹkan bí 0.7, kí ìṣẹ́po lè ṣì hàn. Bí iná inú àwòrán bá jẹ́ pupa rúsúrúsú, ẹ sọ aṣọ eérú di aláìláwọ̀ kí ẹ tó pín in, kí aró má baà di ewé tútù.

Ní báyìí, ẹ óò ní àwòrán tí ọnà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ le. Ọrùn bùbá, etí apá, ibi tí ọwọ́ ti kọjá níwájú ìró, gbogbo wọn á rí bí ohun tí wọ́n fi sáàsì gé. Ibi kan ṣoṣo tí mo gbà kí ẹ̀rọ ti fọwọ́ kan ọnà nìyí, kó sì jẹ́ ní etí nìkan, lórí ilà tó fẹ̀ tó písẹ́lì mẹ́wàá sí ogún. Nínú ComfyUI, nọ́ńbà tí wọ́n kọ `denoise` sí ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa tún un yà tó. Ní 0.25, á kàn mú etí rọ̀. Ní 0.5, òpó tó bá wà níbẹ̀ á di nǹkan mìíràn. Ẹ tún rántí VAE: gbogbo àwòrán tó bá gba inú rẹ̀ kọjá ló ń pàdánù díẹ̀, títí kan ibi tí ẹ kò ní kí ó fọwọ́ kàn. Nítorí náà, bó bá ti tún etí ṣe tán, ẹ mú ọnà ti tẹ́lẹ̀ padà kí ẹ sì tẹ́ ẹ lé àárín aṣọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ìlà ìyẹ́ adìẹ lè mú.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló nílò làálàá yìí. Àdìrẹ oníko, tí wọ́n fi okùn dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́, tí ọnà rẹ̀ jẹ́ òbìrí àti àbàwọ́n, IP-Adapter nìkan lè ṣe é dáadáa, nítorí kò sí ẹni tó ń ka iye òbìrí. Ọnà ìlà gbọọrọ náà rọrùn. Aṣọ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ jìnnà, tí kò ga ju ìka kan lọ nínú àwòrán, kò nílò rẹ̀. Àwọn aṣọ tó nílò rẹ̀ ni àwọn tó ní ẹyẹ, ènìyàn, òpó, lẹ́tà tàbí iye: Ìbàdàndùn, Olókun, àti aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n tẹ orúkọ tàbí ojú olóògbé sí. Ojú olóògbé tí ẹ̀rọ bá tún yà lára aṣọ òkú á di ojú ẹlòmíràn, ìyẹn sì burú fún àwọn ọmọ olókùú.

Àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn náà sàn jù. FLUX.1 Kontext, tí ilé iṣẹ́ Black Forest Labs gbé jáde lọ́dún 2025, ń gba fọ́tò wọlé lọ́nà tí kì í ṣe ìdìpọ̀ mẹ́rin, àwòrán rẹ̀ tó fara sin sì ń pa nǹkan mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Òpó á jọ òpó. Ṣùgbọ́n títún yà náà ló ṣì ń ṣe, nítorí náà òpó márùn-ún lè di mẹ́fà ní ìbàdí, ó lè di mẹ́rin ní apá. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ ṣí fọ́tò aṣọ sí apá kan, kí ẹ ṣí àwòrán sí apá kejì, kí ẹ mú ilé kan náà nínú méjèèjì, kí ẹ sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ilé mìíràn ní apá bùbá, ẹ kà á. Ẹ mú èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, níbi tí aṣọ ti ń yí lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń rò pé kò sẹ́ni tó ń wò.

Bí àwòrán náà bá wà fún títà, ẹ fi fọ́tò aṣọ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú rúlà tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ya obìnrin náà. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí pé WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi í lọ, ìlà tó nípọn tó písẹ́lì méjì ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ.